Mítà 13 tó rì: àkọsílẹ̀ etí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan

Ìyá tó ni ilé náà ló pè mí. Ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi wá wo etí ibi ìgbọ́kọ̀sí yìí. Omi kì í gbẹ níbẹ̀ mọ́, òkúta etí rẹ̀ sì ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀." Oṣù 8 péré ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo bójú tó iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ń ṣe é, nítorí náà n kò ní ohun kankan láti gbèjà, n kò sì ní ẹni tí mo fẹ́ dá lẹ́bi. Ohun tí mo bá ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Etí tó ń fa wàhálà gùn ní mítà 18, láti ibi tó ga jù títí dé ihò àgbàrá. Intalọ́ọ̀kì ló wà nínú, ṣánẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e, kẹ́ẹ̀bù wá dúró sẹ́yìn ṣánẹ́ẹ̀lì. Fún ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí, kẹ́ẹ̀bù ni òkúta kọnkéré gígùn tí a máa ń gbé nàró láti fi pààlà. Ṣánẹ́ẹ̀lì ni èkejì rẹ̀ tí a tẹ́ sílẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ kí omi lè máa gba orí rẹ̀ lọ. Irú èyí tí wọ́n lò níbẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni méjèèjì: gígùn 915 mìlímítà, fífẹ̀ 255, nínípọn 125. Ọ̀kan nínú wọn wúwo tó kílò 67 tàbí kó lé díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ènìyàn méjì fi máa ń gbé e.

Kẹ́ẹ̀bù yọ sókè lórí ṣánẹ́ẹ̀lì ní 100 mìlímítà. Létí títì, wọ́n lè jẹ́ kó tó 125, ṣùgbọ́n níbi tí imú ọkọ̀ ti máa ń gùn kọjá lórí kẹ́ẹ̀bù, 100 náà tó, kó má baà máa ha abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi 100 yẹn sọ́kàn o. Ó ń bọ̀ wá ní nǹkan ṣe nísàlẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, òjò ti dá láti alẹ́ àná. Gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ àfi adágún kan tó gùn tó mítà 4, ó wà láàárín etí náà. Mo tẹjú mọ́ ọn dáadáa, mo rí i pé omi náà kò fara mọ́ kẹ́ẹ̀bù rárá. Ìhà kejì ló dúró sí, níbi tí ṣánẹ́ẹ̀lì ti pàdé intalọ́ọ̀kì. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura. Bí ṣánẹ́ẹ̀lì bá rì ní títẹ́jú, omi yóò bo gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Bí omi bá kó sí ẹ̀gbẹ́ kan, a jẹ́ pé ṣánẹ́ẹ̀lì náà yí ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti iwájú ti já sínú nǹkan.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ti ní ìdáhùn tirẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ni, sà. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń yí orí padà níbẹ̀." Kò parọ́. Àmì táyà rẹ̀ hàn kedere lórí intalọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n mo tọpa táyà náà, ó gba orí ṣánẹ́ẹ̀lì ní mítà 3 kó tó gba orí rẹ̀ ní mítà 9. Ní mítà 3, kò sí ohun tó yẹ̀. Ọkọ̀ kan náà, táyà kan náà, ẹrù kan náà, ibì kan rì, ibì kan kò rì. Ọkọ̀ ló fi àìsàn náà hàn, ìsàlẹ̀ ni àìsàn náà wà.

Mo ní kí wọ́n bá mi ṣí ìbòrí onírin orí ihò àgbàrá. Yanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tó ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó mọ́ rekete, kò ní ewé, kò ní ẹrẹ̀. Mo bù ú sí àtẹ́lẹwọ́. Yanrìn tí a ń gbá sínú ojú intalọ́ọ̀kì máa ń lẹ́bú, èyí tí a ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ló máa ń ní hóró tó le. Hóró tó le ni mo rí. Nítorí náà kì í ṣe orí ilẹ̀ ni òjò ti gbá yanrìn yìí wá, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń jáde. Mo na ìka sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, mo bá àlàfo kan lára ògiri rẹ̀ ní ìhà ibi tí ṣánẹ́ẹ̀lì ti wọlé, ní ìsàlẹ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì gan-an. Ẹnu ọ̀nà tí yanrìn ń gbà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo wọn ilẹ̀. Rọ́bà omi ni mo lò, rọ́bà gígùn tí inú rẹ̀ hàn tí a rọ omi sí. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kì í tan ènìyàn jẹ. Ìwé iṣẹ́ wọn sọ pé kí ṣánẹ́ẹ̀lì dagẹ̀rẹ̀ ní 120 mìlímítà láàárín mítà 18, ìyẹn 20 mìlímítà ní gbogbo mítà 3. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fẹ́ kó má dín ní 15 láàárín mítà 3, torí pé bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá kéré ju ìyẹn lọ, àṣìṣe ọwọ́ birikilà lásán á sọ ọ́ di adágún. Mo fi ibi tó ga jù ṣe òdo, mo wá ń wọn bí ṣánẹ́ẹ̀lì ṣe rẹlẹ̀ sí i. Ní mítà 3, ó rẹlẹ̀ ní 21, ó kù díẹ̀ kó bá ìwé mu. Ní mítà 6, dípò 40, mo bá 58. Ní mítà 9, dípò 60, mo bá 112. Ní mítà 12, dípò 80, mo bá 92. Ní mítà 15, 101. Létí ihò àgbàrá, 120 géérégé.

Ẹ wò ó: mítà 9 rẹlẹ̀ ju mítà 12 lọ ní 20 mìlímítà. Omi tó bá dé mítà 9 ní láti kún tó 20 mìlímítà kó tó lè gun òkè lọ síbi tó yẹ kó máa sàn sí. Adágún náà nìyẹn, pẹ̀lú ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Mo ta okùn sórí kẹ́ẹ̀bù náà láti òpin dé òpin: ní mítà 9, orí rẹ̀ ti fẹ̀yìn ní 25 mìlímítà kúrò lójú okùn, àlàfo tó gba ìka kan sì ti là láàárín òun àti ṣánẹ́ẹ̀lì.

Kí n tó ní kí wọ́n gbẹ́ ohunkóhun, mo fi èèkù hámà lu ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 5 àkọ́kọ́ dún kì, kì, bí ìgbà tí ènìyàn lu àpáta. Láti ẹ̀kẹfà lọ, ó di gbò, gbò. Ihò wà lábẹ́ wọn. Nítòsí ihò àgbàrá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún kì.

Ihò méjì ni mo ní kí wọ́n gbẹ́, ọ̀kan níbi tó dára, ọ̀kan níbi tó bàjẹ́. Àwọn kan máa ń gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ nìkan. N kì í fara mọ́ ọn, torí ènìyàn lè rí ohun kan níbẹ̀ kó sì pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun kan náà ló wà níbi tó dúró dáadáa. Ní ibi tó dára, ní nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ sí ibi tó ga jù, a gbẹ́ láti ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀bù. Díígà kọ́kọ́ bá kọnkéré ẹ̀yìn, ìyẹn ìtì kọnkéré tí a dà ti kẹ́ẹ̀bù lẹ́yìn, ó gòkè wá títí ó fi ku nǹkan bí 75 mìlímítà kó dé orí kẹ́ẹ̀bù. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kọnkéré ìsàlẹ̀ nípọn tó 150, ó sì lọ lábẹ́ kẹ́ẹ̀bù àti ṣánẹ́ẹ̀lì pa pọ̀ bí ẹní kan ṣoṣo. A fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbà á, iná ló ń ta.

Ní mítà 9, díígà wọlẹ̀ bí ìgbà tí a ń kọ ebè. Kò sí kọnkéré ẹ̀yìn, erùpẹ̀ ni wọ́n dà padà sẹ́yìn kẹ́ẹ̀bù. Kọnkéré ìsàlẹ̀ kò ju 70 mìlímítà lọ ní nínípọn, kò sì fẹ̀ ju 300 lọ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wó. Nínú èyí tó wó, ìlà símẹ́ǹtì funfun wà tí omi kò kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pò ó. Wọ́n pò ó gbígbẹ jù, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí kẹ́ẹ̀bù bá ga ní 255, tí 100 nínú rẹ̀ sì yọ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì, 155 ló wọlẹ̀. Ṣánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kò nípọn ju 125 lọ. Ìdí kẹ́ẹ̀bù fi 30 mìlímítà jìn ju ìdí ṣánẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹni tó bá tẹ́ kọnkéré sí ìwọ̀n ìdí kẹ́ẹ̀bù gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi dí 30 yẹn lábẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì, kọnkéré ló sì yẹ kó jẹ́. Níbí, yanrìn ni. Èyí tó tún burú jù ni pé kọnkéré kékeré yẹn kò dé iwájú. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún kẹ́ẹ̀bù fẹ̀ ju kọnkéré inú rẹ̀ lọ, àyè tó ṣẹ́ kù níwájú ni wọ́n fi yanrìn kún. Ẹ̀yìn ṣánẹ́ẹ̀lì dúró lórí yanrìn 30 mìlímítà tí kọnkéré gbé ró, iwájú rẹ̀ dúró lórí yanrìn tó jìn tó 100, tí erùpẹ̀ rírọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ méjì tí kò dọ́gba. Ìdí tí omi fi kó sí ìhà intalọ́ọ̀kì nìyẹn.

Bàbá fọ́máànù tó ṣe kẹ́ẹ̀bù náà wá lọ́jọ́ kejì nígbà tí wọ́n pè é. Mo ti ń retí pé yóò jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan kọnkéré náà, ó dìde, ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, n ò ní purọ́ fún yín. Símẹ́ǹtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí a dé mítà 5. Wọ́n ní ká fi èyí tó kù parí kẹ́ẹ̀bù, pé àwọn oní-intalọ́ọ̀kì ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A fa èyí tó kù gùn ni."

Mo bi í pé, "Bàbá, ṣánẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"

"Àwọn oní-intalọ́ọ̀kì ló tẹ́ ìyẹn. Mítà 5 àkọ́kọ́ àti ẹnu ihò àgbàrá nìkan ni èmi fọwọ́ ara mi tẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kẹ́ẹ̀bù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, intalọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, ṣánẹ́ẹ̀lì sì bọ́ sáàárín wọn. Lójú oní-intalọ́ọ̀kì, ṣánẹ́ẹ̀lì dà bí intalọ́ọ̀kì tó tóbi, ó sì ń tẹ́ tirẹ̀ lórí yanrìn lójoojúmọ́ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n intalọ́ọ̀kì lè dúró lórí yanrìn nítorí pé yanrìn náà tín-ín-rín, ó dọ́gba, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti le, etí rẹ̀ sì ní ohun tó dí i mọ́ tí kò fi lè sá lọ. Ṣánẹ́ẹ̀lì gan-an ni ohun tó yẹ kó dí i mọ́. Bí ohun tó ń dí yanrìn mọ́ bá tún dúró lórí yanrìn, ta ni yóò di èkejì mú?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù 8 náà wá yé mi. Gbogbo omi orí ibi ìgbọ́kọ̀sí ń sàn lọ sórí ṣánẹ́ẹ̀lì, ojú ibi tí òkúta kan ti pàdé èkejì sì ṣí sílẹ̀, wọn kò fi símẹ́ǹtì dí i. Omi ń wọ abẹ́. Nígbà tí táyà bá gun orí ṣánẹ́ẹ̀lì, ó ń tẹ omi abẹ́ yẹn, omi ń sá, ó sì ń kó yanrìn dání. Kòtò kẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ lọ sí ihò àgbàrá, ihò àgbàrá sì ní àlàfo lára. Odò kékeré kan ń sàn lábẹ́ ilẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Bí ṣánẹ́ẹ̀lì ti ń rì, iwájú kẹ́ẹ̀bù ń ṣófo. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní kọnkéré. Táyà àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wọlé ń fi orí tì í. Ó fẹ̀yìn. Intalọ́ọ̀kì tó fara tì ṣánẹ́ẹ̀lì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára ara wọn. Ìlà kẹta ti ní àlàfo 12 mìlímítà nígbà tí mo fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Ìyá onílé bi mí bóyá a kò lè gbé ṣánẹ́ẹ̀lì tó rì nìkan sókè, ká fi símẹ́ǹtì dí abẹ́ rẹ̀. A lè ṣe é. Ìwọ̀n òjò kan ni yóò fi dùn ún wò. Kẹ́ẹ̀bù tó ti yẹ̀ kò ní padà, kọnkéré tí àtàǹpàkò ń wó kò sì ní le lẹ́yìn tó ti gbẹ láìmu omi. Mo sọ fún un pé mítà 5 àkọ́kọ́ kò ní àrùn, ká fi í sílẹ̀. Ìyókù, kẹ́ẹ̀bù 14 àti ṣánẹ́ẹ̀lì 14, nǹkan bíi mítà 13 títí dé ihò àgbàrá, ká tú u láti ìsàlẹ̀. Ẹnu ihò àgbàrá tí Bàbá tẹ́ dáadáa náà wà nínú rẹ̀, nítorí a kò lè dí àlàfo ara ògiri ihò náà láìtú u.

A ṣírò kọnkéré kí ẹnikẹ́ni tó pò ó, torí àìṣírò ló dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150 lẹ́yìn kẹ́ẹ̀bù, 125 lábẹ́ kẹ́ẹ̀bù, 255 lábẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì, àti 100 tó yọ síwájú kí etí ṣánẹ́ẹ̀lì má baà wà lórí bèbè: 630 mìlímítà lápapọ̀. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ 150. Lórí ìyẹn, kọnkéré ẹ̀yìn tó fẹ̀ ní 150 tó sì ga ní 180, àti 30 mìlímítà tó ń dí abẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì. Mítà kan gba nǹkan bíi 0.13 mítà oníhà mẹ́ta. Fún mítà 13, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá fún èyí tó máa dànù, ó sún mọ́ 1.85. Bí a bá pò ó ní símẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4, àpò símẹ́ǹtì 12 oníkílò 50 ni. Bàbá fọ́máànù gbọ́ iye yẹn, ó mi orí. Ó ní àpò 5 ló kù lọ́wọ́ àwọn lọ́jọ́ ọ̀hún.

A tú ìlà intalọ́ọ̀kì 4 tó sún mọ́ etí, a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a ṣe ń tú wọn. A kó kẹ́ẹ̀bù àti ṣánẹ́ẹ̀lì kúrò, èyí tí igun rẹ̀ kò já la ó tún lò. A gbẹ́ erùpẹ̀ rírọ̀ títí a fi kan ilẹ̀ líle. Ní mítà 9, ó jìn tó 200 mìlímítà ju bí mo ṣe rò lọ, torí pé omi ti sọ ibẹ̀ di ẹrẹ̀. A fi òkúta fífọ́ dí i ní ẹ̀ẹ̀mejì, a ń fi ẹ̀rọ ìtẹlẹ̀ tẹ ipele kọ̀ọ̀kan kó tó kan èkejì. Ẹ má ṣe fi kọnkéré dí irú kòtò bẹ́ẹ̀ nítorí àtiyára. Yóò di ibi kan tó nípọn láàárín ibi tó fúyẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti là.

Èèkàn wọlẹ̀ ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, okùn sì wà ní ìwọ̀n orí kẹ́ẹ̀bù, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní 20 mìlímítà láti èèkàn dé èèkàn. Kọnkéré tí a pò jẹ́ irú èyí tí bí o bá fún un lọ́wọ́, yóò dì, omi kò sì ní kán láti inú rẹ̀. Bó bá rọ̀ jù, kẹ́ẹ̀bù oníkílò 67 á máa rì lọ bí o ti ń wò ó. Bó bá gbẹ jù, ẹ ti rí ìgbẹ̀yìn rẹ̀. A kò pò ju èyí tí a lè lò láàárín wákàtí kan lọ.

A tẹ́ kọnkéré díẹ̀ ga ju ibi tó yẹ lọ, bíi 10 mìlímítà, a gbé kẹ́ẹ̀bù lé e, a wá fi hámà onírọ́bà lù ú wálẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan ojú okùn. Lílù wálẹ̀ yìí ló ń mú kí ìdí kẹ́ẹ̀bù jókòó kan kọnkéré níbi gbogbo. Bí o bá lù ú kọjá okùn, gbé e kúrò, fi kọnkéré sí i, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fẹ́ fi òkúta wẹ́wẹ́ méjì há abẹ́ rẹ̀ kó lè ga. Mo yọ ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́jọ́ náà. Òkúta yẹn á gbé kẹ́ẹ̀bù ró bí ìdáná, ìyókù abẹ́ rẹ̀ á ṣófo. A fi àlàfo 3 mìlímítà sáàárín kẹ́ẹ̀bù kan àti èkejì.

Ṣánẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e kí kọnkéré náà tó le, ní ọjọ́ kan náà, láti ọwọ́ àwọn kan náà. A fi kọnkéré tútù dí 30 mìlímítà yẹn, a lù ú wálẹ̀. A gbé pákó gígùn tó tọ́, oní-mítà 3, lé orí wọn. Níbi tí àlàfo abẹ́ pákó bá ti ju 3 mìlímítà lọ, a tún un ṣe. A fi símẹ́ǹtì àti yanrìn dí ojú gbogbo ibi tí ṣánẹ́ẹ̀lì ti pàdé ara wọn àti ibi tí wọ́n ti kan kẹ́ẹ̀bù, kí omi má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a da kọnkéré ẹ̀yìn, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a rẹ́ orí rẹ̀ kó dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn. Àlàfo ara ihò àgbàrá, a fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì dí i láti inú àti láti òde. A fi ìbòrí onírin náà sílẹ̀ ní 5 mìlímítà nísàlẹ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ń ṣàníyàn sí: ojú ibi tí tuntun ti pàdé ti àtijọ́ ní mítà 5. Kọnkéré tuntun máa ń sún kì bó ti ń gbẹ, èyí àtijọ́ ti sún tirẹ̀ tán. Bí a bá lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ibẹ̀ ni yóò là, omi yóò sì wọlé. Nítorí náà a fi pákó rírọ̀ tó nípọn ní 10 mìlímítà há ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kọnkéré dé òkè, a sì fi gọ́ọ̀mù tó máa ń nà dí ojú rẹ̀.

A bo kọnkéré náà, a ń fọ́n omi sí i, a sì fi igi dí ẹnu ọ̀nà fún ọjọ́ 7. Ọ̀gá géètì fẹ́ jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré kan wọlé ní ọjọ́ kẹrin, "ti ìdílé ni, sà, kò wúwo." Ẹ̀rọ ìtẹlẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù ju ọkọ̀ lọ. Ẹ̀rọ náà máa ń mi ilẹ̀ tìtì, ó sì ń fi yanrìn ti etí síwájú. Bí kọnkéré ẹ̀yìn kò bá tíì le, ẹ̀rọ náà á ti kẹ́ẹ̀bù tuntun kúrò lójú okùn kí ọkọ̀ kankan tó fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a tẹ́ yanrìn 30 mìlímítà, a tò intalọ́ọ̀kì padà. Ìlà tó kan ṣánẹ́ẹ̀lì, odidi la fi sí i, a kó àwọn tí a gé sí ìlà kejì. Intalọ́ọ̀kì tí a gé di kékeré létí ṣánẹ́ẹ̀lì ló máa ń kọ́kọ́ tú. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti kọjá lórí wọn, a wọ̀n ọ́n, intalọ́ọ̀kì ga ju ṣánẹ́ẹ̀lì lọ ní 4 mìlímítà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí pé intalọ́ọ̀kì á ṣì wálẹ̀ díẹ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì kò ní wálẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá dọ́gba lónìí, lọ́dún tó ń bọ̀ omi yóò dúró sórí intalọ́ọ̀kì.

A so rọ́bà omi mọ́ ẹ̀rọ omi níbi tó ga jù, a ṣí i fún ìṣẹ́jú 10, a tì í. Omi náà sàn láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú 15, kò sí ohun tó kù lórí ṣánẹ́ẹ̀lì àfi ọ̀rinrin. Mo wọn mítà 9, ó jẹ́ 60. Mítà 12, 81.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí òjò ti rọ̀ dáadáa, mo padà lọ. Mítà 9 jẹ́ 61, mítà 12 ṣì jẹ́ 81. Mo ṣí ihò àgbàrá, mo bá yanrìn tí kò tó ẹ̀kúnwọ́, ó lẹ́bú, èyí tí òjò gbá láti ojú intalọ́ọ̀kì ni. Bàbá fọ́máànù tẹ̀ lé mi wá. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti mú hámà tirẹ̀ jáde, ó sì ti ń lu ṣánẹ́ẹ̀lì etí kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìkẹrìndínlógún dún gbò. Ìkẹtàdínlógún náà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí wọn lára, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ jẹ́ ká ṣírò àpò símẹ́ǹtì."